Ara Baba ò fi bẹ́ẹ̀ le: bá a ṣe ń da ikú, àìsàn àti ilé ìgbẹ́ pè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin èwe tẹ́ ẹ pa bọ́ọ̀lù tì lọ́sàn-án Sátidé tẹ́ ẹ wá jókòó tì wá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ bí àwa Yorùbá àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo ikú, àìsàn àti ilé ìgbẹ́, àti ohun tó ń mú kéèyàn yan ọ̀rọ̀ kan fi èkejì sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ń fẹwọ́, àdàpè olè ni, ẹ rí i pé wọ́n ti fún nǹkan ọ̀hún lórúkọ kó tó di pé ẹnikẹ́ni lọ sí yunifásítì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lísè níbí l'Ájàṣẹ́, Kétu ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi kàwé, torí náà ẹ má bínú tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń gun ara wọn lẹ́yìn lẹ́nu mi.

Ohun kan ni mo wá sọ, ìyókù ẹ̀rí ni. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ da nǹkan pè, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ló máa ń wò. Àwa, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí la máa ń wò. Ọmọdé kú o, arúgbó kú o, gómìnà kú o, olè tí wọ́n dáná sun kú o, Gẹ̀ẹ́sì lè sọ nípa gbogbo wọn pé wọ́n ti "páàsì àwéè", ìyẹn ni pé wọ́n ti kọjá lọ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ó ṣìwí. Àwa ńkọ́? Tó o bá lọ sọ pé ọmọ ọdún 5 papò dà, àwọn tó gbọ́ á kàn máa wò ẹ́ lójú ni, wọ́n á máa rò ó pé ṣé orí ẹ pé. Papò dà, àgbàlagbà ló ni ín, ẹni tó ti bímọ, tó ti kọ́lé tàbí tó ti ro oko ẹ̀ dé ìdí, òun náà ló ń re ibi àgbà ń rè. Ọba ló ń wàjà. Ọ̀dọ́ tí ò tíì délé ọkọ, wọ́n á ní ó ṣaláìsí, tàbí kí wọ́n má tiẹ̀ parí gbólóhùn, kí wọ́n kàn mi orí. Tó bá wá jẹ́ ọmọ ọwọ́, ìyá ẹ̀ ni wọ́n á kọjú sí, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ fetí sí i dáadáa, kò sí ikú nínú gbólóhùn yẹn, kò sí ọmọ tó lọ, ìyá tó ṣẹ́kù ni gbogbo ẹ̀ dá lé, pé agbè wà láàyè, á tún pọnmi. Mi ò rí èyí tó jọ ọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti wá a títí.

Àwọn Gùn àti Fọ̀n tá a jọ ń gbé náà mọ èyí dunjú. Ìbejì kì í kú lẹ́nu tiwọn, wọ́n á ní ó ti lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Nígbà ọba Dàhọ̀mì, tí ọba bá lọ, ohun tí wọ́n máa ń sọ l'Ágbómẹ̀ ni pé ilẹ̀ ti ṣú. Torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan, àgbègbè wa yìí ló jọ ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọba kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ní September 8, 2022, Ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì Kejì lọ. Ààfin wọn gbé ìkéde jáde, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbangba ni pé Ọbabìnrin kú pẹ̀lú àlàáfíà ní Bàlìmọ́rà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kú! Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò lè gbọ́ lẹ́nu ìjòyè kankan ní Kétu nípa Alákétu, tàbí ní Sábẹ̀ẹ́ nípa Onísábẹ̀ẹ́. Mo ka ìkéde náà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan bi mí pé ṣé àwọn ọ̀tá ẹ̀ ló kọ ọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè ńlá ni. Ìwé ikú tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn náà sọ pé agogo 3 kọjá ìṣẹ́jú 10 lọ́sàn-án ló kú, ìkéde sì jáde ní nǹkan bí agogo 6 ààbọ̀, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ náà ni wọ́n fi pa á mọ́. Àṣírí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ ni pé "Afárá Lọ́ńdọ̀nù ti wó". Ti bàbá ẹ̀, Jọ́ọ̀jì Kẹfà, lọ́dún 1952, orúkọ oríta kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, Igun Háìdì Páàkì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀ fún òkú, ọgbọ́n kí ìròyìn má tètè jò ni, tí ìkéde bá ti jáde, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí, wọ́n á sọ ọ́ bó ṣe rí. Tiwa ò ní àsìkò tó ń parí. Ọba tó wàjà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, títí di òní wàjà náà ló wà.

Kẹ́ ẹ má rò pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ẹ̀ rárá o. Nínú òfin wọn, tí ọba bá kú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò túmọ̀ sí pé adé ti kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn, wọn ò ní ọba kú, torí lójú òfin, ọba kì í kú, ipò ẹ̀ kì í ṣófo fún ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn sún mọ́ wàjà gan-an. Ṣùgbọ́n inú ìwé àwọn lọ́yà ló há sí, ìyálọ́jà wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọba ti tó, ọ̀rọ̀ ẹbí ló kan gbogbo wa. Gbogbo yín lẹ mọ ìpè yẹn. Fóònù á dún láàárọ̀ kùtù, ẹ̀gbọ́n bàbá yín lẹ́ ẹ máa gbọ́, wọ́n á kí yín títí, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á wá ní "ara Baba ò fi bẹ́ẹ̀ le, ó dáa kó o máa bọ̀ nílé." Ẹni tó dàgbà sí ilé wa ti mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ohùn yẹn pe èèyàn torí ibà. Tí wọ́n bá fi kún un pé kó o má dá wakọ̀, tàbí pé kí ìyàwó ẹ bá ẹ wá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọmọ kan wà tí wọ́n tọ́ sí ìlú òkèèrè, Yorùbá ẹ̀ dáa, ó tiẹ̀ ń pa òwe. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ara Baba ò le. Ọmọ gbé fóònù, ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún séfà ránṣẹ́ lórí mómò kí wọ́n fi ra oògùn, ó ní òun á wá ní ìparí oṣù. Wọ́n tún pè, wọ́n ní Baba ń béèrè ẹ o. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún wọn kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ ro ti àwọn tó wà nílé tó ń wo ara wọn lójú! Kò sẹ́ni tó purọ́ fún un, kò sì sẹ́ni tó sọ òtítọ́ fún un. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ ọmọ yìí, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ó mọ ìtumọ̀ gbogbo ẹ̀, ohun tí ò mọ̀ ni ẹni tó yẹ kó túfọ̀. Ẹni tó pè é ò ní àṣẹ láti túfọ̀ lórí fóònù fún ọmọ olóògbé, olórí ẹbí ló máa sọ ọ́, lójúkojú, nígbà tó bá ti jókòó tó ti mumi. Iṣẹ́ ẹni tó ń pè ni kó gbé ọmọ dé ilé láìjẹ́ pé ó já lulẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ó wú mi lórí nígbà tí mo rí i pé àwọn dókítà jẹjẹrẹ l'Ámẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2000, ìgbésẹ̀ 6, lórí bí wọ́n ṣe ń sọ ìròyìn burúkú fún aláìsàn. Kí dókítà wá ibi tó dákẹ́, kó jókòó, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí èèyàn ọ̀hún ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó sì kọ́kọ́ ju gbólóhùn kan sílẹ̀ pé ìròyìn tí mo mú bọ̀ ò dùn mọ́ni, kó tó wá sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín lórí fóònù ti ń ṣe gbogbo ẹ̀ láìka ìwé kankan. Ibi tá a ti yà síra ni ìparí. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé tó bá kan ikú, kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ náà gan-an, kú, kí wọ́n má sọ pé "a ti pàdánù ẹ̀" tàbí "ó ti lọ", torí ẹbí tí ọkàn wọn ti dàrú lè béèrè pé ó lọ sí wọ́ọ̀dù wo. Mo rò pé wọ́n tọ̀nà fún èdè wọn, àdàpè tiwọn ò ní olórí ẹbí tó máa wá ṣí i lẹ́yìn ọ̀la. Tiwa ní. Ṣùgbọ́n tí ẹbí bá ti fọ́n ká, tí ọmọ wà ní Pàrí, tí olórí ẹbí ò sí mọ́, tá a sì ń lo ọ̀rọ̀ kan náà lọ, ẹ má jẹ́ ká máa bínú sí ọmọ tó fi mómò ránṣẹ́. Ohun tí mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ bo òkú, kí wọ́n má bo ìgbà àti ibi: "Baba ti papò dà lánàá, agogo mẹ́ta, ilé ni wọ́n wà." Kú ò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ra oògùn.

Ó yá, àìsàn. Èyí, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀wọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ọ̀hún ló wá di ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ mọ èyí tí mò ń sọ, mi ò ní pe orúkọ ẹ̀ gan-an, ẹ wò mí, èmi prọ́fẹ́sọ̀ yìí náà ò ní pè é. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń pè é ní Olóde, wọ́n ń pè é ní Baba, wọ́n ń pè é ní Ọbalúayé. Àwọn Fọ̀n ní Sakpatá, àwọn náà sì ń pè é ní Oní-ilẹ̀, àwọn ìtàn wọn sì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní apá Dásà ló ti dé Agbómẹ̀. Orúkọ ẹ̀ tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni Alápadúpẹ́, ẹni tó pani tí wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí ẹbí tó bá pa èèyàn wọn ò gbọdọ̀ sunkún síta, ìdúpẹ́ ni wọ́n ń ṣe kó má bàa padà wá. Ẹ rí i pé a ò pa àìsàn yìí dà sí nǹkan kékeré bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe, ńṣe la fi í joyè. Gẹ̀ẹ́sì tó ń bẹ̀rù jẹjẹrẹ ń pè é ní "Sí ńlá", lẹ́tà kan péré, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé lágbájá kú "lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́", gbogbo èèyàn á sì mọ̀. Wọ́n ń gé e kúrú, àwa ń gbé e ga, torí lójú tiwa nǹkan tó ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni, ẹni tó ń gbọ́ la sì ń kí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní irú ẹ̀rù yẹn nígbà kan. Ẹranko ńlá onírun tí wọ́n ń pè ní bíà, àwọn onímọ̀ èdè gbà pé orúkọ tó ń jẹ́ lónìí kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gidi, àwọn ọdẹ baba ńlá wọn ló ń pè é ní nǹkan bí "pupa rúsúrúsú" kó má bàa gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, títí orúkọ gidi fi sọnù pátápátá. Kí ló yàtọ̀ sí okùn tá à ń pe ejò lálẹ́? Tàbí sí akọrin Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu tó máa kọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti alẹ́ mọ́jú, àwọn ìyá wa, àwọn ìyá wa, tí ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì yẹn lẹ́nu ẹ̀.

Ilẹ̀ gbígbóná ti tán láyé. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó mú, ní gbogbo àgbáyé, tá a bá yọ ti ilé àyẹ̀wò kúrò, ọdún 1977 ni, ní Sòmálíà, wọ́n sì kéde ní 1980 pé ó ti parí. Àìsàn lọ, orúkọ ò lọ. Ọdún 1970 yẹn gan-an ni kọ́lẹ́rà wọ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn èèyàn wa sì ń pè é ní onígbá méjì: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an, ẹ jọ̀ọ́. Kò pe ìgbẹ́, kò pe èébì, síbẹ̀ ó sọ fún ẹ ohun tó o máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Àdàpè tó wúlò nìyẹn.

Orúkọ yẹn ló gbé wa dé ẹ̀yìnkùlé. Gẹ̀ẹ́sì kì í rí ibi gbé ilé yẹn sí. Tuwalẹ́ẹ̀tì tá à ń pè lónìí, aṣọ pẹ́nrẹ́n ni nílé Faransé, aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì táwọn obìnrin ti ń tọ́jú ojú, ó wá di ìtọ́jú ojú fúnra ẹ̀, ó di yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú, ó di ibi tí ihò wà. Wésé tá a kọ sára ilẹ̀kùn káàkiri Àjàṣẹ́, lẹ́tà méjì Gẹ̀ẹ́sì ni, kọ̀lọ̀fín olómi ló túmọ̀ sí. Bí orúkọ kan bá ti gbọ́ òórùn, wọ́n á wá òmíràn: ibi ìwẹ̀, ibi ìsinmi, yàrá àtíkè. Ará Amẹ́ríkà á ní òun fẹ́ lọ sinmi, kò sì sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀.

Àwa ò fi bẹ́ẹ̀ da ilé yẹn láàmú. Ṣáláńgá ni ṣáláńgá. Ẹsẹ̀ la fi ń bo ó: mo fẹ́ lọ gbọnsẹ̀, mo fẹ́ yà sẹ́yìnkùlé, mo fẹ́ jáde díẹ̀. Ibi tí ara gbà lọ la máa ń sọ, kì í ṣe ohun tí ara ṣe. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀, tí Alájì bá ti gbé kẹ́tùlù, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Àti pé níbí náà, ẹni ló ń yan ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta á pariwo láàárín àlejò pé òun fẹ́ ṣu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e. Ìyá ẹ̀ tó bá fẹ́ fi hàn pé òun lajú á ní ó fẹ́ ṣe kaká, Faransé ni wọ́n fi bo ó. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yẹn dàgbà kó wá sọ nípa ìyá ọkọ ẹ̀ pé wọ́n ń ṣu, ó ti di ẹjọ́ ẹbí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń dé ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá àgbà kan wọlé, ojú wọn ti jìn, awọ ọwọ́ wọn ò tètè padà tí wọ́n bá fà á. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé inú ńkọ́, wọ́n ní inú ń yọ àwọn lẹ́nu díẹ̀. Ṣé ẹ lọ sẹ́yìnkùlé? Mo lọ. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú rírun, ó fún wọn ní kóró oògùn, ó pe ẹni tó kàn. Ìyá ò purọ́, nọ́ọ̀sì ò ṣàìbéèrè. Àmọ́ "mo lọ" yẹn lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, àwọn oníṣègùn sì ń ka ìgbẹ́ omi tó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ sí ìgbẹ́ gbuuru. Nọ́ọ̀sì kejì, tó ti mọ̀ wọ́n, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Ó lo ọ̀rọ̀ tiwọn: "Ìyá, ẹ̀yìnkùlé tẹ́ ẹ lọ yẹn, láti àárọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni?" Wọ́n ní àwọn ò kà á. "Ṣé ẹ máa ń pẹ́ nínú ilé kó tó tún gbé yín dìde?" Rárá. "Ohun tó jáde, ṣé ó funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, àbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀?" Ibí ni ọ̀rọ̀ ti là. Tó bá jẹ́ bí omi ìrẹsì, onígbá méjì là ń fura sí, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló kọ́kọ́ kàn, kíákíá, kódà kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti inú lílọ́, ọ̀rìn là ń fura sí, oògùn ẹ̀ yàtọ̀. Kò sí ìgbà kankan tí nọ́ọ̀sì yẹn pe ìgbẹ́. Ìṣe ló bò, kò bo iye, kò bo àwọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú "ìgbóná mú ọmọ mi". Ìyá lè máa sọ ibà, ó sì lè máa sọ nǹkan tó sú sí ọmọ lára tí kò fẹ́ dárúkọ. Kí wọ́n ká aṣọ ọmọ sókè.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan ní ọwọ́ ẹ̀yìn dìde, wọ́n ní gbogbo ohun tí mo sọ dára, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọkọ ọmọ àwọn ló gbé àwọn lọ sílé ìwòsàn ńkọ́, tó dúró tì àwọn, ṣé àwọn á wá máa ṣàlàyé omi ìrẹsì lójú àna? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ bẹ̀ ẹ́ kó lọ ra omi wá. Ìyá náà ní tí ò bá wá lọ ńkọ́, ọkọ ọmọ àwọn yìí ò gbọ́ràn. Nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín wa ló dá wọn lóhùn, ó ní òun kì í béèrè rárá tí àna bá wà níbẹ̀, òun á kàn gbé igbá fún wọn, òun á ní "ẹ bá mi gbé e wọlé tẹ́ ẹ bá ṣe tán," òun á wo inú ẹ̀ fúnra òun.